Lẹ́tà Kẹwàá Lára Nọ́ńbà Ṣaṣí

Ọkùnrin kan wà tó ń bá àwọn èèyàn gba ọkọ̀ tókunbọ̀ jáde ní èbúté. Bàbá Fáìlì ni gbogbo wa ń pè é. Kò bí fáìlì lọ́mọ o, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó ń gbà tọ́jú ìwé, ẹni tó bí wọn gan-an kò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ́fíìsì rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ, lókè ilé ìtajà táyà, òórùn rọ́bà a sì máa gba ojú fèrèsé wọlé láti àárọ̀ dalẹ́. Tábìlì kan, àga mẹ́ta, kọ́bọ́ọ̀dù onírin tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í padé dáadáa, àti láísẹ́ǹsì tí kọ́sítọ́ọ̀mù fún un, tó fi gíláàsì bò tó sì gbé kọ́ ògiri, ibi tí oníbàárà yóò ti rí i kó tó rí bàbá fúnra rẹ̀.

Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti wà nídìí iṣẹ́ náà. Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún un pé ẹnì kan lè bá òun mú ọkọ̀ gba ẹ̀yìn wọlé, yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní, "Ọkọ̀ kì í fi táyà wọ ìlú, ìwé ló fi ń wọ̀ ọ́." Lẹ́yìn náà ni yóò wá là á lẹ́sẹẹsẹ fún onítọ̀hún: kí ó mú ìwé ọkọ̀ ojú omi wá, àti rìsíìtì ibi tí wọ́n ti ra ọkọ̀, àti ìwé tó fi hàn pé ẹni tó tà á ló ni ín lóòótọ́. Òun ajẹ́ńtì yóò kéde ọkọ̀ náà fún kọ́sítọ́ọ̀mù, irú rẹ̀, ọdún tí wọ́n ṣe é, ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ àti nọ́ńbà ṣaṣí rẹ̀. Kọ́sítọ́ọ̀mù yóò díye lé e, wọn yóò sọ owó ẹnubodè tó tọ́ sí i, olówó ọkọ̀ yóò sì san án sí báńkì, kì í ṣe sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọn yóò yẹ ọkọ̀ wò lójúkojú, kí wọ́n tó fún un ní ìwé ìdásílẹ̀. Ìwé yẹn ni wọn yóò bèèrè níbi tí wọ́n ti ń gba nọ́ńbà ọkọ̀.

Àbúrò ìyàwó rẹ̀ kan wà, agbẹ̀bí ni. Ilé ìwòsàn kékeré kan ló ti ń ṣiṣẹ́, àwọn abúlé tó yí i ká ló sì máa ń lọ gbẹ̀bí. Ọ̀kadà ló ń gùn káàkiri, títí di ọjọ́ tí òjò gbá òun àti àpótí iṣẹ́ rẹ̀ sínú gọ́tà. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń tu owó jọ fún ọkọ̀. Bàbá Fáìlì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. "Ìyàwó mi kékeré" ló ń fi dá a lápàárá, òun náà a máa kúnlẹ̀ kí i pé, "Ọkọ mi, ẹ kú iṣẹ́."

Lọ́jọ́ ìsinmi kan tí gbogbo ẹbí péjọ, agbẹ̀bí na fóònù sí i, àwòrán ọkọ̀ kan tó rí pé wọ́n ń tà lókè òkun ló wà níbẹ̀. Ó bi í léèrè iye tí owó ẹnubodè rẹ̀ lè jẹ́. Gbogbo ilé ń gbọ́. Bàbá Fáìlì kò tilẹ̀ gba fóònù náà wò dáadáa. Ìrísí rẹ̀ jọ èyí tó gbà jáde fún oníbàárà kan lóṣù tó kọjá, ó sì dárúkọ iye kan bí ẹni tó ń dárúkọ ọmọ ara rẹ̀. Àna rẹ̀ àgbà mi orí, ó ní, "Ẹ ò rí i, ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í wo ìwé." Ìyìn yẹn dùn mọ́ Bàbá Fáìlì nínú. Iye tó dárúkọ yẹn ni agbẹ̀bí gbé ìṣirò rẹ̀ lé, ó sì ra ọkọ̀ náà.

Nígbà tí ìwé dé, Bàbá Fáìlì jókòó lórí àga rẹ̀, ó ń fi ìka tọ nọ́ńbà ṣaṣí lẹ́yọ lẹ́yọ. Mẹ́tàdínlógún ni lẹ́tà àti òǹkà tó wà níbẹ̀, ó sì mọ̀ pé ìkẹwàá ni ń sọ ọdún ọkọ̀. Ó ka dé ìkẹwàá, ó bá F. Ọkọ̀ ọdún 2015 ni. Ti 2012 tí C máa ń wà lára rẹ̀ ló wà lọ́kàn rẹ̀ lọ́jọ́ tó ń dárúkọ iye. Bí ọkọ̀ bá ṣe tuntun tó ni owó ẹnubodè rẹ̀ ṣe ń ga tó. Iye tó sọ níwájú ẹbí kò lè tó.

Ohun tó kù fún un kò ju pé kó tẹ agbẹ̀bí láago, kó ní òun ti ṣe àṣìṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbé fóònù sókè. Ohùn àna rẹ̀ àgbà ló ń gbọ́ létí. Ó gbé fóònù kalẹ̀, ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó kọ 2012 síbi ọdún ọkọ̀ nínú ìkéde tó ń ṣe fún kọ́sítọ́ọ̀mù. Rìsíìtì tí wọ́n fi ra ọkọ̀ kò mẹ́nu ba ọdún, ìyẹn ló fi ránṣẹ́. Ìwé tó fi ẹni tó ni ọkọ̀ hàn, tí a kọ 2015 gàdàgbà sí, ó dá a padà fún agbẹ̀bí. Ó ní kó tọ́jú rẹ̀ pa mọ́.

Ọjọ́ àyẹ̀wò, ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù kan tó ti mọ̀ ọ́n láti ọdún pípẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ara ọkọ̀, ó fi nọ́ńbà ṣaṣí wé ti ìwé, wọ́n bára mu. Oòrùn mú, ọkọ̀ mìíràn sì tò lẹ́yìn bí èèrà. Ó bi Bàbá Fáìlì pé ọdún wo ni. Bàbá Fáìlì dáhùn pé 2012 ni. Ọ̀gá náà buwọ́ lù ú, ó ní, "Bó bá jẹ́ pé ìwọ lo kọ ọ́, ó ti rí bẹ́ẹ̀." Bàbá Fáìlì rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó wọ mọ́tò ara rẹ̀, ó kọrí sílé.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn, nígbà tí ìwé ìdásílẹ̀ ti jáde, agbẹ̀bí gba ìwé adójútòfò, ó wa ọkọ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, ó sì kó gbogbo ìwé tó ní dání, nítorí ẹni tí kò ní ẹ̀tàn lọ́kàn kì í ṣa ìwé. Akọ̀wé obìnrin kan tó fi okùn kọ́ ìgò ojú sọ́rùn tẹ́ ìwé ìdásílẹ̀ àti ìwé tó fi ẹni tó ni ọkọ̀ hàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó bọ́ síta lọ ka nọ́ńbà ṣaṣí. Nígbà tó wọlé padà, ó ní kí wọ́n má jẹ́ kí ọkọ̀ náà kúrò lọ́gbà.

Agbẹ̀bí tẹ Bàbá Fáìlì láago. Ìgbà tó fi débẹ̀, agbẹ̀bí ti dìde dúró níwájú káńtà nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ funfun, èèyàn tó ogún sì jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n ń wò ó bí olè. Agbẹ̀bí kò tíì rí i pé Bàbá Fáìlì ti wọlé. Ohùn rẹ̀ kò rẹlẹ̀.

"Mà, bóyá àwọn tó ta ọkọ̀ yìí ló purọ́ fún wa, n ò mọ̀," ló ń wí. "Ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé ẹni tó bá mi gba ọkọ̀ ló ṣe é. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ni. Mo lè fi ọmọ mi búra fún un."

Bàbá Fáìlì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti gbọ́ èébú rí nínú iṣẹ́ yìí, èyí tó tọ́ àti èyí tí kò tọ́, kò sì sí èyí tó gún un tó ìyìn yìí. Ó rò ó pé bí òun bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ lè lọ bẹ́ẹ̀: ẹni tó ta ọkọ̀ wà lẹ́yìn òkun, kò lè wá jẹ́rìí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tilẹ̀ ti ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni agbẹ̀bí bojú wẹ̀yìn, ó rí i, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀. "Bọ̀dá mi nìyí," ó sọ fún akọ̀wé, bí ẹni tí ìrànlọ́wọ́ dé bá.

Ó rìn dé káńtà. Ó ṣí fìlà rẹ̀.

"Èmi ni mo kọ ọdún yẹn," ó ní. "Àbúrò mi kò mọ nǹkan kan. Mo mọ ọdún ọkọ̀ náà kí n tó kọ ọ́."

Akọ̀wé yọ ìgò ojú rẹ̀. Kò bú u. Ó fa bébà kan sún mọ́ ara rẹ̀, ó ní kó tún orúkọ rẹ̀ sọ, kí òun lè kọ ọ́ síwájú nọ́ńbà láísẹ́ǹsì rẹ̀. Agbẹ̀bí jókòó sí etí bẹ́ǹṣì, ó sì ń wo bàtà rẹ̀.

Ní kọ́sítọ́ọ̀mù, wọ́n ní kó kọ lẹ́tà, kó ṣàlàyé ohun tó ṣe láìfi nǹkan kan pa mọ́. Iwájú ọ̀gá tó buwọ́ lu àyẹ̀wò ló ti kọ ọ́. Ọ̀gá yẹn kò wò ó lójú. Ó kàn ní, "Wọ́n ti pè mí lẹ́jọ́ nítorí rẹ," ó sì jáde. Wọ́n tún ọkọ̀ náà ṣírò gẹ́gẹ́ bí ọdún tó jẹ́, wọ́n fi owó ìtanràn lé e. Bàbá Fáìlì ta mọ́tò ara rẹ̀, òun ló san ìyàtọ̀ àti ìtanràn sí báńkì, ó sì mú rìsíìtì padà. Wọ́n ṣàtúnṣe sí ìwé ìdásílẹ̀. Wọ́n gba láísẹ́ǹsì rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Ó yọ gíláàsì kúrò lára ògiri fúnra rẹ̀, ojú ibi tó wà tẹ́lẹ̀ sì mọ́ ju ògiri tó kù lọ.

Nílé, ìyàwó rẹ̀ kò pariwo. Alẹ́ kan ṣoṣo ló sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, nígbà tó ń ká aṣọ. "Ká ní o sọ fún wa lọ́jọ́ náà pé o ṣìṣe, ẹ̀rín là bá fi ọ́ rín," ó ní. "Ẹ̀rín ọjọ́ kan." Láti ìgbà yẹn ni Bàbá Fáìlì ti ń sá fún ojú àwọn àna rẹ̀. Ó ń fi àìsàn yẹ ìpàdé ẹbí sílẹ̀, títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè àìsàn tó ń ṣe é ní tòótọ́.

Nígbà tí ìwé pé, wọ́n yẹ ọkọ̀ agbẹ̀bí wò, wọ́n fún un ní nọ́ńbà. Ó ń wà á lọ sí abúlé. Ó tó oṣù méjì kó tó yà sọ́dọ̀ Bàbá Fáìlì ní ọ́fíìsì rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí i bó ṣe máa ń kí i, àmọ́ kò pè é ní ọkọ mi mọ́. Ó sọ fún un pé ọkọ̀ náà dára, pé ó ti gbé aboyún méjì dé ilé ìwòsàn lásìkò.

"Bọ̀dá," ó ní lẹ́yìn náà, "ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ fẹ́ ra ọkọ̀. Mo ti júwe ajẹ́ńtì mìíràn fún un. Mo ní kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi, kí ẹ má gbọ́ ọ níta."

Bàbá Fáìlì mi orí. Ó fẹ́ sọ pé ó ti dùn òun jù, pé òun kò lè sùn. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "O ṣeun tó o sọ fún mi." Ó sìn ín dé ìsàlẹ̀, láàárín àwọn táyà tó tò sílẹ̀, ó dúró títí agbẹ̀bí fi wọkọ̀, tó wo dígí ẹ̀gbẹ́, tó sì rọra bọ́ sójú títì.