Yàrá Ẹ̀yìn Nínú Ilé Ìyá Glenys

Nígbà tí ìyá Glenys Tarrant kú ní ìlú Launceston, Corin àbúrò Glenys fẹ́ ra ìpín Glenys nínú ilé tí ìyá wọn fi sílẹ̀. Lọ́yà ní kí wọ́n kọ́kọ́ wá ẹni tó ń díye lé ilé. Glenys kọ ímeèlì sí Ines Kovacic, tó ń ṣe iṣẹ́ náà: kí ó wá wo ilé àti ilẹ̀ rẹ̀, kí ó sọ iye tí wọ́n tó lọ́jọ́ tí ìyá kú, nítorí àtipín ogún, kí ìwé ìdíyelé náà sì dé kí oṣù tó parí. Nísàlẹ̀, ó kọ ọ́ pé, "Ẹ má wọ yàrá ẹ̀yìn."

Ines pè é. "Mà, mi ò lè díye lé yàrá tí mi ò rí. Àbúrò yín lè ní iṣẹ́ mi ò pé. Kí ló wà níbẹ̀?"

"Ìyá mi ṣì ń wúkọ́ níbẹ̀."

Ines ní, "Ẹ bá mi ṣí i fúnra yín nígbà náà."

Glenys yọ gbólóhùn ìsàlẹ̀ yẹn kúrò, ó sì tún fi ímeèlì náà ránṣẹ́.

Lọ́jọ́ tí Ines dé, Glenys ṣílẹ̀kùn yàrá náà. Ines wọn yàrá, ó ya fọ́tò àjà tó ti rin. Bí wọ́n ṣe ń jáde, ẹnìkan wúkọ́ lẹ́yìn wọn. Ọwọ́ Ines dúró lórí okùn ìwọ̀n, ṣùgbọ́n kò bojú wẹ̀yìn.

Ìwé náà dé lásìkò, ilé di ti Corin. Corin ní òun ò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀ rí. Ilé tí Glenys rẹ́ǹtì ni ikọ́ náà wà báyìí, Glenys sì ti ń dá a lóhùn.