Àwọn Ọ̀rọ̀ Onílẹ́tà Mẹ́ta

Apata onígi kan wà lára ògiri pálọ̀ wa ní Tanke fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹgbẹ́ wa, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ló ni ín. Ẹni tó bá borí nínú eré ọ̀rọ̀ tí a máa ń ṣe lọ́dọọdún ló ń gbé e lọ sílé, èmi àti ìyàwó mi sì ti gbé e títí ó fi dà bí ẹrù ilé wa. Ìyàwó mi ló máa ń nù ún. Nígbà tó kú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún. Ọdún yìí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí n ó dá jókòó síbi eré náà, ohun tí mo sì bẹ Ọlọ́run fún kò ju pé kí apata yẹn má kúrò níbi tí ọwọ́ ìyàwó mi gbé e kọ́ sí.

Alága ẹgbẹ́ máa ń kọ ọ̀rọ̀ gígùn kan sójú pátákó. A ó wá máa fi àwọn lẹ́tà inú rẹ̀ kọ àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn, láti onílẹ́tà mẹ́ta lọ sókè. Lẹ́tà tó bá wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, a kò gbọdọ̀ lò ó lẹ́ẹ̀mejì nínú ọ̀rọ̀ kan. A kì í ka àmì ohùn, ṣùgbọ́n ọ kì í ṣe o. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, máàkì kan. Tí ẹni méjì bá kọ ọ̀rọ̀ kan náà, a ó fagi lé e lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Tọkọtaya ń lo ìwé kan ṣoṣo.

Lórí ìwé tiwa, èmi ni mo ń wá àwọn ọ̀rọ̀ gígùn. Ìyàwó mi ń to àwọn kúkúrú sí abẹ́ ara wọn, onílẹ́tà mẹ́ta kí ó tó kan onílẹ́tà mẹ́rin, á máa pè wọ́n wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́nu. Èmi ni mo ń dìde kà á. Àwọn ọ̀rọ̀ gígùn ni mo fi ń ṣáájú, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Tí mo bá dé orí àwọn tirẹ̀, mo máa ń sáré kà wọ́n bí ẹni tó fẹ́ lọ jẹun. Mo mọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni n kò sọ ọ́ rí, pé ọ̀rọ̀ gígùn ni gbogbo ènìyàn ń wá, òun náà la sì ń fagi lé jù. Àwọn wẹ́wẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò kà sí ló ń gbé apata náà wá sílé.

Lọ́dún yìí, nínú kíláàsì tí a yá fún ìpàdé, alága kọ ÌDÁNILẸ́KỌ̀Ọ́ sójú pátákó. Alhájà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni tẹ́lẹ̀, ó ti ń ta òwú àti bọ́tìnnì ní Ọjà Tuntun báyìí, ọ̀rẹ́ ìyàwó mi sì ni. Ẹ̀gbẹ́ ìyàwó mi ló máa ń jókòó sí. Kò yí àyè rẹ̀ padà.

Mo kọ akọni àti ọlọ́kàn kíákíá, n kò sì rí òmíràn mọ́. Mo wá pinnu láti ṣe é bí ìyàwó mi ṣe ń ṣe é. Fáwẹ̀lì tó bá wà nínú ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì ló ń kọ́kọ́ mú, láti ẹ̀yìn wá síwájú, á wá máa fi kọ́ńsónáǹtì tẹ̀ lé e bí wọ́n ṣe tò nínú álífábẹ́ẹ̀tì. Nítorí náà, ọ ló ṣáájú: ọdẹ, ọ̀dọ́, ọkà, ọ̀kẹ́, ọkọ, ọlá, ọ̀lẹ, ọ̀nà, ọ̀nì. Lẹ́yìn náà ló kan i: idà, idẹ, ìdí, ìka, ikọ́, ilà, ilẹ̀, iná. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ bí mo ṣe ń kọ ọ́. Nígbà tí fóònù alága dún pé àkókò ti tó, inú mi dùn. Mo ti rí apata náà lára ògiri.

Alhájà ló kọ́kọ́ dìde. “Ọdẹ,” ó ní. “Ọ̀dọ́. Ọkà. Ọ̀kẹ́. Ọkọ.”

Mo fagi lé wọn bí ó ṣe ń kà wọ́n. Nígbà tó dé ọ̀nì, mo gbé ojú sókè. Nígbà tó bọ́ sórí i, tí òun náà bẹ̀rẹ̀ láti idà, tó sì kan idẹ, mo ti dìde. N kò jẹ́ kí ó parí.

“Alága, mo ní ẹjọ́. Alhájà wo ìwé mi.”

Gbogbo kíláàsì yíjú sí wa. Kẹ̀kẹ́ ń pariwo lójú títì. Alhájà bọ́ gíláàsì rẹ̀.

“Ọkọ ọ̀rẹ́ mi, ìwé yín wo? Àwọn ọmọ tí ẹ kọ́ ní jọ́gíráfì kò rí ọwọ́ ìkọ̀wé yín kà, èmi tí mo ń fi gíláàsì wá gíláàsì ni mo wá rí i kà?”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. N kò rẹ́rìn-ín.

“Bí a ṣe tò ó bára mu láti òkè délẹ̀. Ṣé ó ṣèèṣì ni?”

“Wàláhì, kò ṣèèṣì,” ni Alhájà wí. Ó jáde lọ sídìí pátákó. “Alága, ẹ fún mi ní ọ̀rọ̀ mìíràn. Kí ọkọ ọ̀rẹ́ mi jókòó síbi tó wà, kó di ìwé rẹ̀ mú.”

Alága kọ ÌTẸ̀SÍWÁJÚ. Alhájà mú ṣọ́ọ̀kì. I ló fi bẹ̀rẹ̀: ìjà, ìjì, ijù. Ó kọ isà. Kí ó tó fi ṣọ́ọ̀kì kan pátákó padà, ètè mi ti sọ ìta. Ó kọ ìta.

“Ta ló kọ́ yín?” ni alága bèèrè.

“Ìyàwó rẹ̀.” Ó yíjú sí mi, kò sì pariwo mọ́. “Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ó máa ń lọ ra ẹja ní Ọjà Tuntun. Ìsọ̀ mi ló ń kọ́kọ́ jókòó sí. Àá ṣeré, àá máa kà á síta fún ara wa. Ó ní níbi eré ẹgbẹ́, ẹ̀yin lẹ ń dìde, òun kì í rí i kà síta.”

N kò lè gbé ojú kúrò lórí ìwé mi. Mo rántí bí mo ṣe ń jà pé ẹja kan ṣoṣo kò yẹ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹnìkan bú mi. Alága kàn ní, “Ẹ jẹ́ ká máa bá a lọ,” bí ẹni tó ń bo ìhòhò ẹlòmíràn.

Àwọn kúkúrú tèmi àti ti Alhájà fagi lé ara wọn tán. Olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ kan tó jókòó lẹ́yìn kọ akọni bíi tèmi, ìyẹn náà lọ. Ṣùgbọ́n òun nìkan ló kọ inàkí àti ìkọlà, pẹ̀lú àwọn díẹ̀ mìíràn.

“Ẹ̀yin ará,” ó ní, “inàkí ló gba apata o!”

Mo gbé apata náà lọ fún un lọ́jọ́ kejì. Ó ní kí n wọlé wá mu omi. Mo ní mo ń kánjú. N kò ní ibi tí mo ń lọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí mo fi lọ sí Ọjà Tuntun. Alhájà ń ka bọ́tìnnì fún oníbàárà. Nígbà tí obìnrin náà lọ, mo ní, “Alhájà, ẹ forí jì mí. Mo pè yín ní olè níwájú ẹgbẹ́.”

“Ẹ jókòó,” ó ní. Ó fẹsẹ̀ ti àpótí kan sí mi. Mo mọ ẹni tó máa ń jókòó lórí rẹ̀.

Ó ya bébà, ó kọ ọ̀rọ̀ kan sókè rẹ̀, ó nà án sí mi pẹ̀lú bírò. Mo gba bírò náà.

“Ẹ máa pè é,” mo ní. “Èmi á máa kọ ọ́.”

Ó wò mí díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀, láti onílẹ́tà mẹ́ta, kò sì kánjú rárá. Mo tẹrí ba, mo ń kọ ọ́.