Pijin Ni Wọ́n Fi Tọ́ Ọmọ Àbúrò Mi

Ọ̀gá ilé-ìwé ní ọmọ àbúrò mi kò gbọ́ èdè kankan. Wẹ́rẹ́ ló sọ ọ́, bí ẹni tó ń sọ pé omi ti ń kún. Ó ní òun máa dá ọmọ náà padà sọ́dọ̀ àwọn jẹ́lé-ó-sinmi títí yóò fi lè sọ̀rọ̀ bí ènìyàn. Ọmọ ọdún méje ni ọmọ yìí o, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́ bí ilẹ̀ bá ti mọ́.

Orí omi ni abúlé náà wà, lọ́nà Molutehin. Ibẹ̀ ni wọ́n bí èmi àti àbúrò mi sí. Èmi lọ kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìmọ̀ èdè, ìmọ̀ yìí náà sì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga títí di òní. Àbúrò mi dúró sílé, ó ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé àwọn òṣìṣẹ́ tó ń wa epo. Létí èbúté wọn ló ti pàdé ìyàwó rẹ̀, ọmọ ẹ̀yà Ìjọ láti apá Arógbò, tó máa ń gbé ẹja yíyan wá tà. Ìyàwó kò gbọ́ Ìlàjẹ, ọkọ kò gbọ́ Ìjọ. Pijin ni àbúrò mi fi dẹnu ìfẹ́ kọ ọ́, pijin ni wọ́n fi ń jà, òun náà ni wọ́n fi ń gbàdúrà. Nígbà tí wọ́n bímọ, pijin yìí náà ló wà nílé. Bí ọmọ bá sì bọ́ síta, àwọn ọmọ Ùròbò, Ìtsẹkírì àti ọmọ Ìgbò tí òbí wọn wá ṣòwò ló ń bá ṣeré lórí àfárá pákó. Pijin náà ni gbogbo wọn ń sọ.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé iṣẹ́ mi gan-an nìyí. Lọ́dọọdún ni mò ń ṣàlàyé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé pijin jẹ́ èdè tí àwọn àgbà tí èdè wọn kò papọ̀ lẹ̀ mọ́ra kí wọ́n lè bá ara wọn tajà tàbí ṣiṣẹ́. Olúkúlùkù ní èdè abínibí tirẹ̀ nílé tó máa padà sí. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ bá wá gbọ́njú bá a, tó jẹ́ pé òun ni wọ́n kọ́kọ́ fi pe ìyá, òun ni wọ́n fi ń lálàá, kì í ṣe àlẹ̀mọ́ mọ́. Ó ti di èdè abínibí. Kíríólì ni àwa onímọ̀ èdè ń pe irú rẹ̀. Kì í ṣe pé àwọn ọmọ dá a sílẹ̀ lásán. Pijin tiwa ti gbó lẹ́nu àwọn àgbà kí àwọn ọmọ tó gbà á. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ni wọ́n ń jẹ́ kó dúró sójú kan.

Mo rí i pẹ̀lú ojú ara mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo dé abúlé nítorí ọ̀rọ̀ ilé-ìwé yìí. Àbúrò mi ń ṣàlàyé ìdí tí òun fi pẹ́ lórí omi. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe máa ń rí nìyẹn: lónìí á sọ ọ́ báyìí, lọ́la á sọ ọ́ lọ́nà mìíràn, egungun Ìlàjẹ á sì máa yọ lábẹ́ rẹ̀. Ti ìyàwó rẹ̀ náà ní ohùn Ìjọ nínú. Àbúrò mi ń yí ọ̀rọ̀ òjò tó dá a dúró po títí ọmọ fi gbà á lẹ́nu rẹ̀.

“Dádì, if ren no fọl, yu fọ dọn rich sins,” ni ọmọ wí. Ìyẹn ni pé, bí òjò kò bá rọ̀, ẹ̀ bá ti dé tipẹ́.

Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ohun tí kò ṣẹlẹ̀, tí ì bá sì ti parí ká ní ó ṣẹlẹ̀, ọmọ yìí fi ọ̀rọ̀ kéékèèké méjì péré, “fọ” àti “dọn”, gbé e kalẹ̀. Ó lè jẹ́ ẹnu ẹlòmíì ló ti gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò ṣì í lò rí ní gbogbo ìgbà tí mo fi tẹ́tí sí i. Bó bá fẹ́ sọ pé ọmọ pọ̀, “di pikin dẹm” ni lójoojúmọ́. Ní ti bàbá rẹ̀, ìgbà míì á rántí “dẹm”, ìgbà míì á gbàgbé. Èdè òbí ń mì, ti ọmọ dúró.

Ní ọjọ́ kejì, mo lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé. Ọmọ òkè ni, láti apá Oǹdó, ó sì kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo ní ọmọ náà gbọ́ èdè dáadáa, àmọ́ kì í ṣe Yorùbá tí wọ́n fi ń kọ́ ọ. Mo gbé ohùn rẹ̀ tí mo gbà sílẹ̀ sínú fóònù jáde. Ó gbọ́ ọ, ó mi orí.

“Màdáámù, ẹ má bínú,” ó wí, “Gẹ̀ẹ́sì tó dà nù nìyí.”

Mo ní kó pe ọmọ wá. Ó fi Yorùbá bi í pé bí ẹnì kan bá ní ẹja mẹ́wàá, tó ta mẹ́rin, mélòó ló kù. Ọmọ ń wò ó. Mo fi pijin bi í ní ìbéèrè kan náà, kò sì jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ délẹ̀ tó fi dáhùn pé mẹ́fà. Mo yíjú sí ọ̀gá. Ó ní èmi ni mo ràn án lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló wá bi mí pé ìwé wo ni òun máa fi pijin kà fún un, àti pé ta ni yóò fi pijin ṣe ìdánwò fún un. Mo mọ̀ pé kò sí ìwé pijin kankan ní ilé-ìwé náà. Wọ́n dá ọmọ padà sí kíláàsì àwọn kékeré.

Nígbà tí àbúrò mi gbọ́, ìtìjú mú un. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ pijin nínú ilé òun mọ́. Mo sọ fún un pé kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Kò gbọ́. Ilé bá dákẹ́. Ìyàwó á na ọwọ́ sí oúnjẹ, ọkọ á mi orí. Ọmọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó di ẹnu pọ̀ bí ẹni tí eyín ń dùn. Ọ̀rọ̀ náà ń jó mi lára, ṣùgbọ́n ilé onílé ni.

Ìyàwó ló fọ́ òfin náà. Ó ń fọ ìkòkò lọ́wọ́ nígbà tó dìde, tó kọjú sí ọkọ rẹ̀.

“Tẹl mi di langwej wé yu wọnt mek a tek kwọrẹl wit yu,” ó ní. Pé kí ó sọ èdè tí ó fẹ́ kí òun fi bá a jà.

Àbúrò mi jáde lọ sídìí ọkọ̀ rẹ̀. Nígbà tó padà, pijin ló fi béèrè oúnjẹ, kò sì sí ẹni tó tún mẹ́nu kan òfin náà.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, mo padà wá. Ọmọ náà ti ń sọ Yorùbá, Ìlàjẹ sì ń yọ nínú rẹ̀, nítorí pé ó ń bá àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ tó jẹ́ Ìlàjẹ ṣeré. Mo pàdé ọ̀gá ilé-ìwé lórí àfárá pákó, inú rẹ̀ sì dùn láti rí mi.

“Ẹ rí i, Màdáámù,” ó wí. “Ìbáwí ló tún un ṣe.”

Mo ṣàlàyé fún un pé ọmọ irú ọjọ́ orí yẹn á gbọ́ èdè yòówù tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń sọ sí i, pé ì bá ti gbọ́ ọ náà ní kíláàsì tirẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n dá a padà. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí n bá òun kí ilé. Ọmọ àbúrò mi ló wá dàgbà jù nínú kíláàsì, ó sì ga ju gbogbo wọn lọ bí wọ́n bá tò.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ti tó ọdún mẹ́rin. Mo ń gbọ́ ọ tó ń fi pijin tó yára ju ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ bá ọmọlangidi rẹ̀ wí. Àbúrò mi bi mí bóyá kí òun máa bá èyí sọ Ìlàjẹ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kó máa sọ ọ́, ṣùgbọ́n kó má gba pijin lẹ́nu rẹ̀, àyè wà fún méjèèjì.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ó wí, “kí n tó dé láti orí omi, ó ti sùn.”