Wákàtí Méjì Lórí Bẹ́ǹṣì

Ẹni tó bá mọ Misturat, ìyàwó Ràsáàkì, ní àdúgbò wa ní Ṣakí, ohun àkọ́kọ́ tó máa sọ nípa rẹ̀ ni pé kò lè jókòó. Bó bá dé ilé olókùú, ìgbálẹ̀ ló máa kọ́kọ́ béèrè. Bó bá dé ibi ìnáwó, ìdí iná ni ẹ ti máa rí i. Èmi náà máa ń yìn ín tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, bí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń yin ọmọ obìnrin pé kì í jókòó, inú ló máa ń bí mi.

Kẹ́hìndé ni orúkọ mi. Láàbù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ilé ìwòsàn kékeré kan tí mi ò ní dárúkọ. Anti Láàbù ni wọ́n ń pè mí, wọ́n sì gbà pé mo le. Òótọ́ ni. Bí mo bá ní kí ènìyàn má jẹun wá, tó wá ń nu epo àkàrà nù lẹ́nu níwájú mi, mo máa lé e padà sílé ni.

Oyún kejì ló gbé Misturat dé ọ̀dọ̀ mi. Ti àkọ́kọ́, inú gbogbo ilé ń dùn pé ikùn rẹ̀ tóbi, wọ́n ní ọmọ ń jẹun dáadáa níbẹ̀. Nígbà tó máa bí i, orí jáde, èjìká há. Kí wọ́n tó fà á jáde, ọmọ ti kú. Ìyá Ràsáàkì, ìyá ọkọ rẹ̀, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ di ọmọ náà sínú aṣọ funfun. Ọmọ tó wúwo ju kílò mẹ́rin àtààbọ̀ lọ! Nítorí náà, nígbà tí oyún kejì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, tí nọ́ọ̀sì wa sì gbọ́ ìtàn yìí, kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì tó fi kọ ìwé pé kí n yẹ ṣúgà ara rẹ̀ wò.

Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ wá láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìyàwó àti ìyá ọkọ. Ràsáàkì wà lóko iṣu rẹ̀ lẹ́yìn Àgọ́-Àmọ̀dù. Ìyá Ràsáàkì gbé bàsíà èlùbọ́ kan dání, ó gbé e kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mo bi Misturat ìgbà tó jẹun kẹ́yìn, ó ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ àná, omi nìkan lòun mu láti ìgbà náà. Mo gbà á gbọ́, nítorí kì í purọ́.

Ìyá Ràsáàkì ní, "Anti Láàbù, ṣàlàyé ẹ̀ kó yé mi. Kí ni oyún àti ṣúgà jọ ń wá pọ̀?"

Mo ní, "Ìyá, bí oyún bá ti ń dàgbà, ohun tó ń ti inú ibi ọmọ jáde kì í jẹ́ kí ara ìyá lè lo ṣúgà bó ṣe yẹ. Ara ẹlòmíì á tiraka borí ẹ̀. Ti ẹlòmíì ò ní lè borí ẹ̀. Ṣúgà tó bá ṣẹ́ kù sínú ẹ̀jẹ̀ ìyá, ọ̀dọ̀ ọmọ ló ń lọ. Ọmọ á wá máa sanra, pàápàá ní èjìká."

Èjìká náà ló dé etí rẹ̀.

Mo sọ fún wọn pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo máa gba ẹ̀jẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ni ti inú òfìfo. Òun ló máa sọ bóyá ara lè kó ṣúgà rẹ̀ níjàánu láti alẹ́ mọ́jú, nígbà tí oúnjẹ kò wọlé. Kò gbọdọ̀ tó 5.1. Lẹ́yìn náà ló máa mu omi gúlúkóòsì, gíráàmù márùndínlọ́gọ́rin, láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí wákàtí méjì bá pé, mo máa gba èkejì. Ìyẹn ló máa sọ bóyá ara lè palẹ̀ ẹrù ńlá mọ́ nígbà tí ẹrù bá dé. Kò gbọdọ̀ tó 8.5. "Ọ̀kan ṣoṣo tó bá dé ibẹ̀ nínú méjèèjì ti tó," ni mo wí. "Kì í ṣe pé èyí tó dáa á gba èyí tí kò dáa sílẹ̀."

Ti inú òfìfo jáde: 4.9. Misturat mu gúlúkóòsì náà, ó fajú ro, àmọ́ kò bì. Mo fi bẹ́ǹṣì hàn án.

Mo ní, "Jókòó síbí. Má jẹun, má sì rìn kiri títí màá fi pè ọ́."

Ohun tí mo sọ nìyẹn. Ohun tí mi ò sọ ni ìdí rẹ̀. Mi ò sọ pé ẹsẹ̀ tó bá ń rìn máa ń jẹ ṣúgà, pé bí ènìyàn bá ru ẹrù gun òkè nínú wákàtí méjì yẹn, iye tó máa jáde kò ní jẹ́ òótọ́ ara rẹ̀ mọ́. Bí ènìyàn bá ti ń sọ ọ̀rọ̀ kan lójoojúmọ́, ó máa ń gé e kúrú. Èmi tí mo mọ bí a ṣe ń báni wí nítorí epo àkàrà!

Kò pẹ́ ni iná lọ, mo bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé lọ bá jẹnẹrétọ̀ jà. Lásìkò yẹn ni Ìyá Ràsáàkì rántí pé oníbàárà òun tó ń lọ sí Ilua ń retí èlùbọ́ náà lọ́jà, ọkọ̀ obìnrin náà kò sì ní pẹ́ ṣí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé bàsíà rẹ̀. Ẹ gbà mí, ẹ̀yin ará ilé wa, ìyàwó wo ló máa jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tí ìyá ọkọ rẹ̀ á máa ru ẹrù kọjá níwájú rẹ̀? Misturat gbà á lọ́wọ́ ìyá náà, ó rù ú dé ọjà, ó sì padà gun òkè wá, ìyá ọkọ ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú àdúrà. Nígbà tí mo padà síbi bẹ́ǹṣì, àwọn méjèèjì ti jókòó. Mo rí òógùn nímú Misturat. Mo rò pé ooru ni.

Èkejì jáde: 8.1. Ó súnmọ́ ibi tí kò dáa, àmọ́ kò dé ibẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara mi, mo ní ó dára. Ìyá Ràsáàkì kúnlẹ̀ sílẹ̀ láàbù mi, ó ní Alhamdulillahi. Inú mi dùn ju tiwọn lọ.

Oyún náà wọ ọ̀sẹ̀ kẹtàdínlógójì. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, Ìyá Ràsáàkì gbé iṣu mẹ́ta wá fún mi. Ó ní ikùn ìyàwó òun ti ga, ọmọ ń ta pútú, kí n bá òun dúpẹ́. Bó ṣe ń yin ìyàwó náà ló bọ́ sọ́rọ̀ yìí:

"Ọmọ gidi ni. Ọjọ́ tí a wá síbí gan-an, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí o gbà lára ẹ̀, kò jẹ́ kí n ru èlùbọ́ mi. Òun ló rù ú lọ, òun ló tún sáré padà kí wákàtí méjì má bàa kọjá."

Mo sọ fún un pé ìrìn náà ti ba àyẹ̀wò yẹn jẹ́. Mo béèrè ibi tí Misturat wà, ó ní ó ti lọ bá ọkọ rẹ̀ wa iṣu lóko. Mo pe fóònù Ràsáàkì títí, kò wọlé.

Láàárọ̀ Jímọ̀, mo gun ọ̀kadà lọ sí oko náà. Wákàtí méjì lẹ́yìn tí Misturat jẹ iṣu sísè, mo gún un lọ́mọ ìka: 10.4. Àyẹ̀wò yẹn kì í ṣe ti gúlúkóòsì, àmọ́ ó ti sọ ohun tí mò ń bẹ̀rù. Ràsáàkì dúró tì mí, ọkọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Anti, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ní ó dára?"

Mo ní èmi ni. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni a ti sọ nù, tó yẹ kí a ti fi dín oúnjẹ rẹ̀ kù, kí a máa yẹ̀ ẹ́ wò, kí dọ́kítà ti fún un ní abẹ́rẹ́ ínsúlìn bí oúnjẹ nìkan kò bá ká a. Mo kọ ìwé sí ilé ìwòsàn ńlá. Ràsáàkì ní òun máa wá ọkọ̀, pé Ọjọ́ Ajé làwọn máa lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó ní kò sí ọkọ̀, òótọ́ ló sì sọ. Mo ní kí Misturat gun ọ̀kadà tó gbé mi wá, ó wo ikùn rẹ̀, ó wo ọ̀nà, ó mi orí. Èmi nìkan ni mo padà.

Ọ̀sán Sátidé ni ó bẹ̀rẹ̀ sí rọbí. Ilé ìlera tó súnmọ́ oko ni wọ́n sáré gbé e lọ. Orí jáde, èjìká há, bíi ti àkọ́kọ́. Agbẹ̀bí tó wà níbẹ̀, Ìyá Ìyápọ̀, ní kí wọ́n ká ẹsẹ̀ Misturat méjèèjì mọ́ ikùn rẹ̀, wọ́n tẹ òkè ibi abẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ọmọ sì jáde láàyè. Ó sunkún. Kílò mẹ́rin ó lé díẹ̀. Ṣúgà ọmọ náà já wálẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí ti ìyá rẹ̀ tó ti mọ́ ọn lára kò wọlé mọ́, wọ́n fún un lọ́mú, wọ́n tún fa omi ṣúgà sí i lára nílé ìwòsàn ńlá kó tó gòkè. Ṣùgbọ́n apá òsì rẹ̀ kò mira. Dọ́kítà ní iṣan ọrùn rẹ̀ ló nà nígbà tí wọ́n ń fa èjìká. Ó ní apá àwọn ọmọ mìíràn máa ń padà bọ̀ sípò láàárín oṣù díẹ̀, ti àwọn mìíràn kì í padà tán, kò sẹ́ni tó lè sọ èyí tí tirẹ̀ máa jẹ́.

Mo lọ kí wọn. Ìyá Ràsáàkì mú mi lọ sẹ́yìn ilé.

Ó ní, "Èlùbọ́ mi ni?"

Mo ní, "Ẹnu mi ni, Ìyá. Mo ní kó jókòó, mi ò sọ ìdí ẹ̀."

Kò bú mi. Ìbá bú mi, ara ìbá tù mí.

Ọ̀sẹ̀ keje lẹ́yìn ìbímọ, wọ́n padà wá kí n tún àyẹ̀wò náà ṣe, kí a lè mọ̀ bóyá ṣúgà náà ti bá oyún lọ. Ìyá Ràsáàkì kò gbé ẹrù kankan wá lọ́jọ́ yẹn. Ó jókòó ti ìyàwó rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó gbé ọmọ lé itan, ó di etí ìró Misturat mú ṣinṣin. Bí Misturat bá ti mira pẹ́nrẹ́n báyìí, ìyá á ní, "Jókòó." Wákàtí méjì gbáko. Inú òfìfo 4.8, wákàtí méjì 6.9, méjèèjì dára, wọ́n sì jẹ́ òótọ́. Mo ka iye náà fún wọn, kò sẹ́ni tó kúnlẹ̀ dúpẹ́.

Bí wọ́n ṣe ń múra àtilọ ni iná lọ, tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ lójijì. Ọmọ náà ta gìrì lórí itan ìyá àgbà, bí gbogbo ọmọ ọwọ́ ṣe ń ta gìrì, apá ọ̀tún rẹ̀ fò sókè. Ti òsì wà nílẹ̀ níbi tó wà. Ìyá Ràsáàkì mú ọwọ́ òsì náà, ó gbé e sókè fún un, ó sì dì í mú síbẹ̀ títí ẹ̀rù fi kúrò lára ọmọ.