Bọ́tìnì Tó Bọ́ Sínú Ihò Lífìtì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, mo ní ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi tí mo fẹ́ sọ. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, ẹ bá mi fojú fo àṣìṣe. Láti ìgbà tí Làmídì, ọ̀rẹ́ mi àtijọ́, ti kú ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń gbé mi lọ́kàn.

Ghana ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira nígbà náà, ọmọge ni mí. Mo ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ ní àdúgbò Adabraka lọ́dọ̀ Ìyá Sikira. Wọ́n ní kí n gbé ṣẹ́ẹ̀tì lọ fún akọ̀wé kan tó ń ṣiṣẹ́ lókè pátápátá nínú ilé alájà márùn-ún kan. Nígbà tí mo ń bọ̀, Nii Kwatei tó ń wa lífìtì ti lọ jẹ kẹ́ńkè. Ọkùnrin kan tó tó ẹgbẹ́ mi, tí n kò mọ̀ rí, ló fa géètì lífìtì dé, ó sì ń wà á fúnra rẹ̀ lọ sísàlẹ̀.

Kò tíì lọ jìnnà tí iná fi lọ. Gbà! Lífìtì dúró, òkùnkùn sì bò wá.

A dákẹ́. A dákẹ́ títí. Aṣọ lẹ̀ mọ́ mi lára nítorí ooru. Mo rò pé ará Kumasi ni. Òun, nítorí bí mo ṣe wé gèlè, rò pé ọmọ Gã ni mí. Kí la fẹ́ bá ara wa sọ?

Nígbà tó yá, okùn irin tó so lífìtì rọ̀ dún lókè orí wa, kíìì. Ẹ̀rù la ẹnu mi, mo ní, “Yéè, ìyá mi o!”

Ó mí kanlẹ̀. “Àṣé Alátà bíi tèmi ni ọ́? Kí lo wá panu mọ́ fún látẹ̀ẹ̀kan?” Alátà ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá ní Ghana.

“Ìwọ ńkọ́? Ṣé o sọ̀rọ̀ ni?”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní Làmídì lòun, ọmọ Ọ̀fà. Mo ní ọmọ Èjìgbò ni mí. Ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní bàbá òun, Àlùfáà Búsàrí, kú láàárọ̀, òun wá pe ẹ̀gbọ́n òun níbi iṣẹ́, òun kò bá a. Ẹ sì mọ̀ pé òkú Mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀. Tí wọ́n bá ti kírun ásárì nírọ̀lẹ́ tán, wọ́n á gbé bàbá lọ.

“Wọn ò ní sin bàbá mi lẹ́yìn mi,” ló wí.

Ó fa géètì inú. Ó na ọwọ́ sí ìkọ́ tó há ilẹ̀kùn àjà tó wà nísàlẹ̀ wa, ó ṣí i. Ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ wọlé láti ìsàlẹ̀. A rí sìmẹ́ńtì àjà náà, ó jìn sí wa tó àyà èèyàn. Ó bọ́ bàtà, ó dojú bolẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀rù bà mí, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ìdì bọ́tìnì ìránṣọ tí mo so mọ́ abẹ́ ìró mi tú. Ọ̀kan yí lọ sí etí lífìtì, ó bọ́.

A retí kó ró lórí sìmẹ́ńtì. Kò ró. Ìgbà tí a ti gbàgbé rẹ̀ la tó gbọ́ ọ, tín-ín-rín, nísàlẹ̀ pátápátá.

Làmídì kò mira. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fì lábẹ́ lífìtì, níbi tí kò sí ilẹ̀. Mo fà á, ó rákòrò wọlé, ó jókòó.

“Sọ bọ́tìnì òmíràn sísàlẹ̀,” ló wí. Mo sọ ọ́. A tún gbọ́ ọ.

A wá ń sọ̀rọ̀ kí ẹ̀rù má baà pa wá. Ó sọ ti bàbá rẹ̀ fún mi, bí wọ́n ṣe máa ń na àwọn ọmọ kéwú, tí wọ́n á tún ra àkàrà kóósè fún wọn. Wọ́n ti ń pe ìrun ásárì nígbà tí a gbọ́ igbe látòkè. Mísítà Boateng tó ń tún lífìtì ṣe ní kí a fa géètì dé, kí ẹnikẹ́ni má jáde. Ó fi irin ká bíréèkì kúrò, ó ń fi ọwọ́ yí kẹ̀kẹ́ ńlá tó wà lókè, a ń sọ̀ kalẹ̀ ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan.

Nígbà tí a délẹ̀, Mísítà Boateng ní ojú ihò abẹ́ lífìtì yẹn gan-an ni Kofi Asare, tó ń gbálẹ̀ nílé náà, gbà já bọ́ nígbà kan tí iná lọ bẹ́ẹ̀. Bí èèyàn bá fi ẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, abẹ́ lífìtì ni ẹsẹ̀ máa ń fì sí, ara á sì tẹ̀ lé e.

Làmídì sáré lọ. Wọ́n ti ń da yẹ̀pẹ̀ bo bàbá rẹ̀. Ìwọ̀nba tó kù ló bá wọn dà.

Láti ọjọ́ náà a di ọmọ ìyá. Ní oṣù tó kọjá, Múfú ọmọ Làmídì pè mí wá sẹ́bàá ibùsùn bàbá rẹ̀. Iná ti lọ, dúmsọ̀ tí wọ́n ń pè é ní Ghana. Nínú òkùnkùn náà mo pè é, mo pè é, ó dákẹ́ bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́ nínú lífìtì. Lọ́tẹ̀ yìí n kò ní bọ́tìnì kankan tí mo lè sọ sínú rẹ̀ láti mọ bó ṣe jìn tó.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí iná bá lọ, ẹ má dúró kí ẹ̀rù tó la ẹnu yín. Ẹ béèrè orúkọ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ta ni ẹ̀yin náà bá wà nínú òkùnkùn rí? Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ síbí, kí n bá yín pè é.