Wọ́n Pa Ìyá Mi Nínú Ìwé Tí Mo Fẹ́ Fi Wọlé Ìṣègùn

Aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo ṣí ìwé náà. Aago márùn-ún géérégé ni ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn máa ti ojú òpó wọn. Ìwé kan ṣoṣo ló kù kí n fi ránṣẹ́, èyí tí n óò fi lẹ́tà ẹgbẹ̀rún mẹ́rin péré ṣàlàyé ìdí tí mo fi fẹ́ di dókítà.

Ọkùnrin kan ní Onípanu tó ń bá èèyàn tún irú ìwé bẹ́ẹ̀ kọ ni mo gbé e fún. Ní ìlà kejì, ó kọ ọ́ pé ibà pa ìyá mi nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án.

Ìyá mi nìyẹn lẹ́yìnkùlé wa ní Ìlàjẹ, tó ń yí ẹja lórí ààrò.

Mo pe ọkùnrin náà lórí fóònù. "Ẹ̀gbọ́n, ta ló sọ fún yín pé ìyá mi ti kú?"

"Àbúrò, fara balẹ̀. Èyí tó o kọ gbẹ bíi pańla. Ẹkún ni wọ́n fẹ́."

"Wọ́n máa bi mí nípa ẹ̀ tí wọ́n bá pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò!"

"Kó o sunkún nígbà yẹn." Ó pa fóònù.

Kì í ṣe ìyẹn nìkan. Ó yọ ọdún mẹ́rin tí mo fi ṣèwádìí kòkòrò ibà nílé àyẹ̀wò kúrò pátápátá.

Ìyá mi ti gbọ́. "Ta ló kú?"

"Ẹ̀yin ni, màmá. Ibà ló pa yín."

"Ibà lásán? Èmi tí mo la òkun já! Kò tilẹ̀ sọ pé ọkọ̀ ojú omi ló dojú dé pa mí." Ó nu ọwọ́. "Ka tìẹ fún mi."

Mo ń túmọ̀ ọ́ sí Yorùbá bí mo ṣe ń kà á: a gba ẹ̀jẹ̀, a pín in, a ka kòkòrò.

"Ẹ̀jẹ̀ ta ni?"

"A kì í kọ orúkọ, màmá. Nọ́ńbà ni."

"Nọ́ńbà lo wá fẹ́ tọ́jú?"

Inú tún bí mi, nítorí pé òótọ́ ni. Ọkùnrin yẹn purọ́, àmọ́ ìwé mi gbẹ lóòótọ́.

Mo jókòó. Mo rántí ilé ìwòsàn kan ní Ṣómólú tí mo ti ń gba ẹ̀jẹ̀ fún ìwádìí. Obìnrin kan di ọwọ́ mi mú: "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbẹ̀jẹ̀ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, kí lẹ rí?" N kò mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀ nínú àwọn ìgò náà, bí òfin ìwádìí ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Mo ní kó rí dókítà. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo bẹ dókítà náà kó jẹ́ kí n máa jókòó tì í láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, tí aláìsàn bá gbà. Mo rí bó ṣe ń dáhùn irú ìbéèrè tí èmi sá fún.

Ohun tí mo kọ nìyẹn. Mo dá iṣẹ́ ìwádìí mi padà sínú ẹ̀, mo sì kọ ohun tí iṣẹ́ náà kò lè jẹ́ kí n ṣe: kí n dá obìnrin yẹn lóhùn.

Aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́rin, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ. Ó dé. Mo tẹ bọ́tìnì. Ojú òpó náà gbà á.

"Ṣé mo ti jíǹde?" ni ìyá mi béèrè látibi ààrò.

"Ẹ ti jíǹde, màmá."

"Ó dáa. Wá bá mi kó ẹja."