Nọ́ńbà Kan Náà, Ara Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Bí ẹ bá dé ilé àyẹ̀wò wa ní Ìlaró, ẹ má retí pé Ẹ̀gbọ́n Olúdayọ̀, ọ̀gá wa, máa kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà yín. "Ọmọ ọdún mélòó ni yín?" ló máa fi pàdé yín. Bó bá jẹ́ obìnrin ni yín, á tún bi yín bóyá ẹ lóyún. Èmi Fadékẹ́mi, tí mò ń fa ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, ti rí ìyàwó pásítọ̀ kan tó fìbínú dìde lọ nítorí ìbéèrè yìí. Ẹ̀gbọ́n ò yí padà. Alágídí ni, ó sì máa ń bí mi nínú, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì kan fún yín.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, bàbá kan gbé ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́rin wá fún àyẹ̀wò kíndìnrín. Ẹ̀rọ wa, ààlà àgbàlagbà nìkan ni wọ́n tò sí i nínú, láti 0.6 dé 1.2. Ti ọmọ yìí jẹ́ 0.4, ni ẹ̀rọ bá fi àmì pupa sí i pé ó kéré jù. Bàbá ọmọ bi wá bóyá kíndìnrín ọmọ rẹ̀ ti bàjẹ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín. "Iṣan ara ló ń tú ìdọ̀tí tí à ń wọ̀n yìí sínú ẹ̀jẹ̀," ló wí. "Kíndìnrín ló ń gbá a síta sínú ìtọ̀. Iṣan wo ló wà lára ọmọ ọdún mẹ́rin? Tiẹ̀ dáa. Ká ní 1.0 tí àgbàlagbà fi ń ṣayọ̀ la rí lára rẹ̀ ni, ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀rù ì bá bà mí." Ó kọ ààlà ti ọmọdé sí ẹ̀gbẹ́ èsì, bàbá sì gbé ọmọ rẹ̀ lọ sílé tayọ̀tayọ̀.

Lẹ́yìn wọn ni Ìyá Iṣẹ́olúwa wọlé. Ẹ̀gùá ni wọ́n ti ń bọ̀, wọ́n lé ní àádọ́rin ọdún, wọ́n sì gbẹ bí ẹja orí àtẹ. Moyinolúwa, ìyàwó ọmọ wọn, tẹ̀ lé wọn. Ojú ọmọbìnrin náà wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó ń fọwọ́ ti iwájú orí. Bùbá ìyá ọkọ rẹ̀ tó fẹ̀ ló wọ̀, ó sì gbé báàgì ńlá sórí itan. Wọ́n ti gbọ́ lórí rédíò pé ara wíwú lè jẹ́ ti kíndìnrín, Màmá sì ní kí a yẹ àwọn méjèèjì wò.

Ẹ̀gbọ́n béèrè ìbéèrè rẹ̀.

"Oyún kẹ̀?" ni Màmá dá a lóhùn kí Moyin tó la ẹnu. "Ibà ló ń ṣe é."

Moyin wolẹ̀. Èmi náà wo báàgì orí itan yẹn, mo fura. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá ìyá ọkọ ẹlòmíràn jiyàn níwájú èrò?

Nígbà tí èsì jáde, àwọn méjèèjì ní 1.0. Ẹ̀rọ ò fi àmì kankan sí i. Moyin ló ka ìwé náà sókè, ayọ̀ sì gba ojú Màmá. "Èmi àti ìyàwó mi, ọ̀kan náà! Ara wa le. Dìde, ọkọ̀ Ẹ̀gùá ti fẹ́ẹ́ gbéra ní gáréèjì."

Ẹ̀gbọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Màmá, ìka ò dọ́gba. Nọ́ńbà yín jọra, ọ̀rọ̀ yín ò jọra. Ẹ̀yin, ọjọ́ orí ti jẹ iṣan yín, ìdọ̀tí tó ń wọ ẹ̀jẹ̀ yín ò tó ti ọ̀dọ́ mọ́. Kó tó jẹ́ 1.0 síbẹ̀, á jẹ́ pé kíndìnrín yín ti ń rọra gbálẹ̀. Kì í ṣe ohun ẹkún, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń dá oògùn ara ríro lò, ẹ dín in kù, kí ẹ sì padà wá kí a tún un wò."

"Mo ti gbọ́. Ìyàwó mi ńkọ́?"

"Òun ni mi ò lè ka tiẹ̀. Bí kò bá lóyún, 1.0 dáa. Bó bá lóyún, kò dáa rárá. Aláboyún, omi á pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kíndìnrín rẹ̀ á sì máa ṣiṣẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nọ́ńbà yìí gbọ́dọ̀ wálẹ̀ lára rẹ̀, bóyá sí 0.5, bóyá 0.6. Bó bá wà ní 1.0 pẹ̀lú ojú wíwú àti orí fífọ́ yìí, ewu ń bẹ, lónìí yìí."

"Mo ní kò lóyún!" Màmá jágbe mọ́ ọn. "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ má fi ẹnu yín kó bá wa." Wọ́n di ọwọ́ Moyin mú, wọ́n fà á dìde.

Mo fẹ́ kígbe mọ́ wọn, àánú wọn sì ń ṣe mí, nítorí omi ti lé ròrò sójú wọn. Ẹ̀gbọ́n kúrò lẹ́nu ọ̀nà, torí kò lè fi tipá dá ẹnikẹ́ni dúró. Wọ́n ti dé àtẹ̀gùn nígbà tí Moyin di ògiri mú.

"Màmá, ẹ dákun. Mi ò ríran dáadáa mọ́. Nǹkan ń tàn yẹ́ríyẹ́rí lójú mi." Ó yíjú sí wa. "Oṣù keje ni. Méjì ti bàjẹ́ lára mi, lẹ́yìn tí gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi eléyìí pamọ́. A ò tíì lọ gba káàdì oyún pàápàá, kí ẹnikẹ́ni má baà rí mi níbẹ̀."

Màmá bo ojú. Èmi ti sáré mú ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀; nọ́ńbà òkè ti lé ní ọgọ́jọ, ó ti ga jù. A gba ìtọ̀ rẹ̀, a ti ìwé àyẹ̀wò bọ̀ ọ́, ìwé náà sì yí sí àwọ̀ ewé tó dúdú: èròjà ara tí kíndìnrín kì í jẹ́ kó jò ló ń jò síta yẹn. Ẹ̀gbọ́n kò dárúkọ àìsàn kankan, iṣẹ́ dókítà nìyẹn. Ó tẹ dókítà ilé ìwòsàn láago, ó ka gbogbo rẹ̀ fún un, ó sì fi ọkọ̀ ara rẹ̀ gbé wa lọ síbẹ̀.

Nínú ọkọ̀, Màmá gbé orí Moyin lé itan wọn. Mò ń wo ìka ọmọbìnrin náà tó ń já pátipàti, mò ń gbàdúrà kí iná tó ń darí ọkọ̀ lójú pópó má dá wa dúró.

Èrò kún ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì kan yọjú, ó béèrè ohun tó ṣe é. Kí n tó la ẹnu, Màmá ti bọ́ sílẹ̀, gèlè ti já lórí wọn, wọ́n sì ń pariwo lójú gbogbo ènìyàn.

"Ó lóyún! Oyún oṣù keje! Aboyún ni ìyàwó mi, ẹ gbà mí o!"

Orí bẹ́ẹ̀dì ni gìrì ti gbé Moyin, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tó yẹ ti wà nítòsí, nítorí wọ́n ti mọ ẹni tí wọ́n ń retí. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un lọ́jọ́ náà láti gbé ọmọ jáde, òun náà sì yè. Ọmọ náà kéré, ó fẹ́ẹ́ lè gba inú àtẹ́lẹwọ́ méjì. Ó ké. Màmá, tí wọ́n jókòó sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbọ́ ọ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún gbogbo ẹni tó ń kọjá, àwọn tí wọn ò mọ̀ rí pàápàá, pé ọmọ wọn nìyẹn.